Kábínẹ́ẹ̀ afọkáà àti ti agbaninímọ̀ràn lórí LinkedIn: ṣé kí ọ̀rọ̀ kúrú ni àbí kó gùn?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó jẹ́ afọkáà níbí l'Ájàṣẹ́, ẹni táwọn ará Nàìjíríà máa pè ní lọ́yà, ti pè mí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń bá wọn mójú tó LinkedIn ní kábínẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì iṣẹ́ wọn, sọ pé kí wọ́n máa kọ ìlà méjì péré, torí pé kò sẹ́ni tó ń kàwé mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kútọnu, olùkọ́ ibẹ̀ ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ gígùn ni LinkedIn fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wá ní, "Àbúrò, ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí. Bùrọ̀dá kan tó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn ní Kétu bi mí bẹ́ẹ̀ náà, ẹlòmíì tún kọ̀wé sí mi láti Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ti ń bá irú àwọn kábínẹ́ẹ̀ yìí kọ̀wé fún ọdún bíi mélòó kan, ohun tí mo sì rí ni pé àwọn tó ń jiyàn yẹn, ìlàjì òótọ́ ló wà lọ́wọ́ oníkálùkù wọn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

## Kí là ń pè ní kápṣọ̀n, kí ló kúrú, kí ló gùn?

LinkedIn ni ìkànnì tó ti wà láti 2003, tí Microsoft rà ní 2016, ibi táwọn èèyàn ń pàdé sí nítorí iṣẹ́. Nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀ là ń pè ní pósíìtì. Kápṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ mọ́ ọn, yálà àwòrán wà nísàlẹ̀ ẹ̀, fídíò ni o, tàbí ìwé PDF, tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ibi tó lè gùn dé ni 3,000, tí wọ́n bá ka lẹ́tà, àlàfo àti kọ́mà pọ̀. Ní èdè Faransé táwọn kábínẹ́ẹ̀ wa sábà fi ń kọ, ìyẹn máa tó ojú ìwé kan, ó tiẹ̀ lé díẹ̀.

Tí mo bá pe kápṣọ̀n ní kúkúrú níbí, èyí tí èèyàn máa rí tán láìtẹ nǹkan kan ni mò ń sọ, tàbí tó lé díẹ̀ sí i. Gígùn ni èyí tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kó tó lè rí ìyókù ẹ̀, tó sì máa gbà á ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láti kà.

## Kí ló wà láàárín kúkúrú àti gígùn?

Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú tó ní ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé láyé ọjọ́un ibẹ̀ lẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbà. Tó o bá dé ibẹ̀ tí wọn ò ṣí i fún ẹ, bó ti wù kí ààfin dára tó nínú ìlú, ìta lo wà. Bí LinkedIn náà ṣe rí nìyẹn. Ó máa fi nǹkan bí ìlà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ han èèyàn, ó máa wá gé e, ó máa kọ `plus` síbẹ̀ fẹ́ni tó ń lò ó ní Faransé. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa hàn ṣáájú ìyẹn ò ju nǹkan bí igba lẹ́tà lọ, lórí fóònù ó kéré sí i, orí fóònù náà sì lọ̀pọ̀ wa wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kábínẹ́ẹ̀ ò kíyè sí ni pé ìlà òfìfo náà máa ń jẹ àyè níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ gbólóhùn kan, tẹ́ ẹ fo ìlà kan, tẹ́ ẹ tún kọ òmíràn, ẹ ti ná ìlà mẹ́ta tán. Ẹ wá wo ohun táwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀: "Inú kábínẹ́ẹ̀ wa dùn púpọ̀ láti kéde fún gbogbo ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ wa pàtàkì..." Kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Mo máa ń bẹ àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ìdùnnú yẹn lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gan-an síwájú. Èyí kan kúkúrú, ó sì kan gígùn.

## Kí ló dé táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n LinkedIn ò fi ẹnu kò?

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ kúrú, ilẹ̀kùn yẹn ló ń wò. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ `plus`, nítorí náà ó ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ tán síta.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ gùn náà ní nǹkan tó dì mú. Ní 2020, àwọn ẹ́ńjíníà LinkedIn fúnra wọn kọ ọ́ síta pé àwọn ń wo iye àsìkò téèyàn fi dúró lórí pósíìtì kan, àwọn sì ń lò ó láti mọ ohun táwọn máa gbé síwájú àwọn èèyàn. Wọ́n ní àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò náà tí ó kéré tán ìlàjì pósíìtì bá ti yọ sójú fóònù, wọ́n sì tún ń ka àsìkò téèyàn lò lẹ́yìn tó bá tẹ nǹkan. Àwọn olùkọ́ wá gbọ́ èyí, wọ́n ní háà, kí ẹ kàn kọ ọ́ gùn, àsìkò máa pọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Àsìkò táwọn èèyàn fi dúró ni wọ́n ń kà, wọn ò ka gígùn ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ gígùn téèyàn wò fìrí tó sì yí kọjá, àsìkò fìrí náà ló máa gbà. Ó dà bí ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Wàǹdó: àwọn tó dúró ti igbá ẹ̀ ló ń fi hàn pé ẹ̀wà yẹn dùn, kì í ṣe bí igbá ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó.

## Ìbéèrè wo ló yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó kọ?

Ìbéèrè kan ṣoṣo lèmi máa ń bi wọn: ẹni tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí, ṣé ó ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ tó kàn yẹ kẹ́ ẹ rán an létí kó ṣe nǹkan, àbí kò tíì yé e, tẹ́ ẹ fẹ́ kó rí bí ẹ ṣe ń ronú kó tó gbé ìṣòro ẹ̀ fún yín?

Tó o bá fẹ́ gun sẹ́mìjàn láti Wàǹdó lọ sí Àvákpá, o ò ní jókòó ti oní-sẹ́mì kó o máa sọ ìtàn. Wàá dárúkọ ibi tó ò ń lọ, ẹ máa dúnàá dúrà, ó tán. Ẹ̀yin méjèèjì mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan ní Sákété, tẹ́nì kan wá sọ fún ẹ ní gbólóhùn kan pé "ilẹ̀ yẹn dáa, rà á," ṣé wàá gbé owó sílẹ̀? Wàá ní kó jókòó, kó ṣàlàyé ẹni tó ni ín, ìwé tó wà lórí ẹ̀, ẹni tó lè jáde lọ́la wá sọ pé òun náà nípìn-ín. Bí àlàyé náà ṣe gún régé tó lo máa fi mọ̀ bóyá ẹni yẹn mọ nǹkan tó ń sọ.

Iṣẹ́ afọkáà àti iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ń tà kò ṣeé ya fọ́tò, bí wọ́n ṣe ń ronú ni. Ìdí nìyí témi fi máa ń tẹ̀ sí ọ̀nà gígùn fún wọn ju bí mo ṣe máa ṣe fún ẹni tó ń ta bàtà. Ṣùgbọ́n àsìkò sẹ́mìjàn náà wà o, ó sì wọ́pọ̀.

## Báwo ló ṣe máa rí nínú ọ̀ràn gidi kan?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìpàdé ọdọọdún SARL, torí ọdọọdún ló ń padà wá. SARL ni ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ni ín kò ní ju owó tí wọ́n dá sí i lọ nínú gbèsè ẹ̀. Òfin OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin òwò kan náà fún Bẹ̀nẹ̀ àtàwọn orílẹ̀-èdè tó kù nínú ẹ̀, sọ pé láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí, kí àwọn alábàáṣe pàdé láti fọwọ́ sí ìwé ìṣirò. Ọdún ìṣirò ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, nítorí náà gbèdéke bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ìwé ìpè sì gbọ́dọ̀ jáde ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìpàdé.

Alákòóso tó ti ń ṣe èyí láti ọdún márùn-ún ò nílò ẹ̀kọ́. Èyí tó bá a mu nìyí, mo túmọ̀ ẹ̀ láti Faransé:

"Ẹ̀yin alákòóso SARL, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni ìpàdé lórí ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ ti wáyé. Ṣé ìwé ìpè ti jáde? Ọjọ́ 15 ṣáájú ló pẹ́ jù."

Ó tán. Kò sí `plus` tí wọ́n máa wá. Ẹni tó ti gbàgbé máa fò sókè, á pe akọ̀wé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìtàn OHADA láti 1993 síwájú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti pa á.

Ẹ wá wo ẹlòmíì. Ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jọ dá SARL sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà ní Gàbọ́ọ̀nù, wọn ò tíì ṣèpàdé kankan rí, torí lójú wọn ọmọ ìyá kì í kọ ìwé ìpè síra wọn. Ìlà méjì òkè yẹn ò ní ran irú ẹni yìí lọ́wọ́, ó máa rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń bá wí. Tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ lẹ jọ ni SARL, ẹ ò sì ṣèpàdé rí. Báǹkì wá ní kẹ́ ẹ mú ìwé ìpàdé wá kí wọ́n tó yá yín lówó."

Ẹ rí i pé ìlà méjì yìí ò sọ òfin kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń pè lórúkọ, ó sì fi ibi tó ti ń dùn ún hàn án, ìyẹn ló máa jẹ́ kó tẹ `plus`. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kápṣọ̀n máa wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó máa sọ pé bí ẹ bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá, ìwé ìpè gbọ́dọ̀ wà, ó máa sọ bí wọ́n ṣe ń kà ọjọ́ 15 yẹn, tó jẹ́ pé tí ìpàdé bá bọ́ sí ọjọ́ 30, kí ìwé má kọjá ọjọ́ 14 kó tó jáde kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan bá yín jà sí. Ó máa sọ pé tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò ní lè bá gbèdéke, alákòóso lè kọ̀wé sí olórí ilé ẹjọ́ láti tọrọ àfikún àsìkò, kí ó sì ṣe é kí ọjọ́ tó kọjá. Ó máa parí sórí ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé ìṣirò, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi kó o lọ síbi RCCM, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò. Gbogbo ìyẹn ò ní kọjá ìlàjì àyè tí LinkedIn fún wa. Ẹ má kún un torí pé àyè ṣì wà.

## Ibo ni kúkúrú ti máa ń da kábínẹ́ẹ̀ láàmú?

Níbi àyàfi. Òfin tí kò ní àyàfi ò wọ́pọ̀, àyàfi yẹn ló sì kọ́kọ́ ń já bọ́ tí wọ́n bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo bá kábínẹ́ẹ̀ kan kọ ọ́ pé "gbogbo SARL" gbọ́dọ̀ ṣèpàdé kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá. Ó kúrú, ó mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kétu kọ̀wé sí wa nínú àpótí ìránṣẹ́ LinkedIn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá lòun dá tòun sílẹ̀, òun ò tíì ṣe ìṣirò kankan, ṣé òun ti rúfin? Kò rúfin. Òfin ìṣirò OHADA gbà fún ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlàjì kejì ọdún pé ọdún ìṣirò àkọ́kọ́ ẹ̀ lè ju oṣù méjìlá lọ, kó parí ní ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ "gbogbo" tí mo kọ yẹn ló dẹ́rù bà á, ó sì dùn mí, torí ọmọ yẹn ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ kan nítorí àìkíyèsára mi.

Láti ìgbà yẹn, bí mo ṣe ń dán kápṣọ̀n kúkúrú wò nìyí: mo máa ní kí afọkáà fúnra ẹ̀ kà á sókè, kó wá sọ fún mi ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ò kàn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin la lè fi yọ ẹni yẹn kúrò, a máa fi kún un, kó ṣì kúrú. "Tẹ́ ẹ bá ti parí ọdún ìṣirò yín ní ìparí ọdún tó kọjá," ó tó. Ṣùgbọ́n tí àyàfi bá ti di mẹ́ta, tí ọ̀kan tún ń bí òmíràn, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti kúkúrú mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ gùn tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀.

## Gígùn ńkọ́, kí lewu tiẹ̀?

Ìtàn ni. Ọ̀rọ̀ gígùn máa ń dùn tó bá ní ìtàn oníbàárà nínú, ìtàn oníbàárà sì ni àṣírí tí òfin iṣẹ́ fi dè afọkáà. Àwọn kan rò pé táwọn ò bá ti dárúkọ, ó ti parí. Ìlú wa ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá kọ "oníbàárà wa kan tó ní ilé ìṣeburẹ́dì ní ojú ọ̀nà Pọ̀bẹ̀, tó ń bá ìyàwó àkọ́kọ́ ẹ̀ ṣẹjọ́," títí ilẹ̀ á fi ṣú gbogbo Pọ̀bẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bẹ̀nẹ̀ sì ní kóòdù nípa ọ̀rọ̀ ayélujára láti 2018 tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni. Ọmọ ìyá méjì tí mo lò lókè yẹn, mo ro wọ́n ni, mi ò yọ wọ́n látinú fáìlì ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń ní kí kábínẹ́ẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta pé àpẹẹrẹ lásán ni.

Tí PDF tàbí fídíò bá sì ti ṣe gbogbo àlàyé, ẹ má tún un sọ sínú kápṣọ̀n. Ẹ sọ ẹni tó wà fún àti ohun tó máa bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣí i.

## Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ yàn án sódì?

Ẹ má wo iye àwọn tó tẹ ọkàn tàbí àtàǹpàkò nìkan, torí àwọn afọkáà ẹgbẹ́ yín ló sábà ń tẹ ẹ́. LinkedIn máa ń fi irú iṣẹ́ àti ìlú àwọn tó rí pósíìtì hàn yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ fún àwọn alákòóso ilé iṣẹ́ tó wá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà méjì àkọ́kọ́ yín ti máa sọ èdè yunifásítì.

Ẹ wo ìbéèrè tó ń wọlé náà. Tí wọ́n bá ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ti dáhùn lẹ́yìn `plus`, a jẹ́ pé wọn ò wọlé, ẹ gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú tàbí kẹ́ ẹ gbé ìdáhùn bọ̀ síta. Tó bá jẹ́ kúkúrú lẹ kọ tí gbogbo èèyàn wá ń béèrè "ṣé ó kan èmi náà?", gígùn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ. Èyí tó sì máa ń dùn mọ́ mi jù ni tẹ́nì kan bá kọ̀wé sínú àpótí tó ní, "bí ọ̀rọ̀ tiwa náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Gígùn yẹn ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, kódà tí ọkàn tí wọ́n tẹ ò ju mẹ́wàá lọ.

Ohun témi àti ẹ̀gbọ́n wá fẹnu kò sí nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, nígbà tí ọwọ́ ṣì dilẹ̀ díẹ̀, ti ọmọ ìyá méjì máa jáde, gígùn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ìlà méjì ti ìwé ìpè máa jáde, kó bá wọn kó tó di ọjọ́ 14. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù keje, ìlà méjì míì lórí oṣù kan ti RCCM. Èyí tó gùn yẹn ló ń kọ lọ́wọ́ báyìí, ó ní òun ti pa ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.